Ike 6 ló kéré jù, wébíìlì di tiwa láti 20: bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún oníbàárà

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọṣẹ dúdú oníke ni mò ń tà ní Ìsọ̀kún, Iléṣà, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó láti páàkì. Mo fẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mi ò ní fi ohun tó bá dín ní ike 6 ránṣẹ́ mọ́, àti pé ẹni tó bá ra 12 kò ní san owó wébíìlì. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé mo ti ń gbéra ga. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣáà sọ pé epo ló wọ́n, kí n má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni kí n kọ?*

Àbúrò mi, ẹ má tíì kọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ 12 yẹn ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bí ẹ bá kéde rẹ̀ bó ṣe wà yìí, owó yín á máa jò lẹ́yìn, ẹ ó sì ní láti padà wá sọ fún wọn lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé ẹ ti yí i padà. Oníbàárà á gba òfin tuntun bó bá yé e. Èyí tí kì í tètè kúrò lọ́kàn wọn ni òfin tí ẹ ṣe tí ẹ tún jẹ.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ka ìwé ìṣirò oṣù mẹ́ta sí mi létí, ẹ sì ní kò burú bí àwọn ẹlòmíràn bá gbọ́ ọ. Torí náà, iye yín gan-an ni màá fi ṣàlàyé.

₦2,500 lẹ ń ta ike kan. Eérú èèpo kòkó, àdín, igi ìdáná, ike, lébẹ́ẹ̀lì àti owó ẹni tó ń bá yín rò ó, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,700 lórí ike kan. Ó ku ₦800. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró, tí a ó ní èrè wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá pè láti Ìbàdàn, ẹ ó ra páálí ₦400, ẹ ó lo ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù ₦150, ọmọ tó ń di ẹrù á gba ₦350, ọlọ́kadà tó ń gbé e láti Ìsọ̀kún lọ sí páàkì á gba ₦700. Ó di ₦1,600. Ike kan ni o, ike 20 ni o, ₦1,600 yẹn kì í yí padà, torí páálí kan náà ni, ọkadà kan náà ni.

Nítorí náà, ẹni tó ra ike kan, ₦800 ló mú wá, ₦1,600 lẹ ná lé e lórí. Ẹ̀yin lẹ fi ₦800 sin ín lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ra méjì, ẹ ò jèrè, ẹ ò pàdánù. Orí ike kẹta lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan. Nínú ẹrù 60 tí ẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta yẹn, 22 ló jẹ́ ti ike kan tàbí méjì. Ìgbà 22 lẹ di ẹrù, ìgbà 22 ni ọlọ́kadà wá, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣòfin nìyẹn. Ẹ di ìdí náà mú dáadáa, torí a ó padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kọ̀wé.

Ike 6 tí ẹ mú dára. Lórí 6, ₦4,800 á wọlé, ẹ ó yọ ₦1,600 kúrò, ₦3,200 á ṣẹ́ kù. Àwọn 9 tó máa ń ra mẹ́ta sí márùn-ún lè gòkè dé ibẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wébíìlì ọ̀fẹ́ ló le. Àwọn awakọ̀ ń gba ₦3,500 lórí páálí yín kan dé Ìbàdàn tàbí Èkó, oníbàárà ló sì ń san án títí di òní. Ọjọ́ tí ẹ bá ní ó di ọ̀fẹ́, inú ₦800 yẹn náà ló ti ń jáde, kò sí ibòmíràn. Àwọn oníbàárà tó pọ̀ jù nínú ìwé yín, àwọn 21 tó ń ra 6 sí 10, ẹ jẹ́ ká fi 8 ṣe ti wọn. Ẹni tó ra 8 tó sì san wébíìlì fúnra rẹ̀, ₦4,800 ló ń ṣẹ́ kù fún yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wá sọ pé 12 lọ̀fẹ́, tí ẹni yìí sì gbọ́, tí ó ra 12, ₦9,600 á wọlé. Ẹ yọ ₦1,600 dídi ẹrù àti ọkadà, ẹ yọ ₦3,500 awakọ̀, ó ku ₦4,500. Ó ra ike mẹ́rin sí i, èrè yín sì fi ₦300 wálẹ̀. Bí ẹni tó ń jẹ́ ìpè yín bá ṣe ń pọ̀ tó ni owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ yín á ṣe máa pọ̀ tó, ẹ ó sì máa rò pé ọjà ń yá, torí páálí ń jáde.

Apá kan tún wà tí a kì í sábà rántí. Ẹni 8 wà nínú ìwé yín tó ti ń ra 15 sókè tẹ́lẹ̀, tí kò sì bẹ̀ yín. Bí ìlà ọ̀fẹ́ bá wà ní 12 tàbí 15, àwọn 8 yìí á gba ₦3,500 kọ̀ọ̀kan láìfi ike kan kún un: ₦28,000 láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ní ìlà náà wà ní 15. Ẹni tó kúrò ní 8 bọ́ sí 15, èrè yín lọ́wọ́ rẹ̀ á di ₦6,900, ìyẹn ₦2,100 lé lórí ti tẹ́lẹ̀. Kí ₦28,000 tó padà wálé, ẹni 14 nínú àwọn 21 ni yóò gòkè. Èmi ò tíì rí ọjà tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn oníbàárà ti fò sókè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá gbé e sí 20. Ẹni márùn-ún péré nínú ìwé yín ló ń ra 20 sókè, nítorí náà ₦17,500 ni ohun tí ẹ fi tọrẹ. Ẹni tó kúrò ní 8 dé 20, ₦10,900 ló ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, ₦6,100 lé. Bí ẹni mẹ́ta péré bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó yín ti wọlé padà. Àwọn mẹ́ta tó ń ra 15 sí 19 lè tètè gòkè, torí ike díẹ̀ ló ku fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má kà wọ́n mọ́ ọn: ₦3,500 awakọ̀ lè jẹ èrè ike díẹ̀ tí wọ́n fi kún un tán. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi 12 sílẹ̀, kí ẹ mú 20. Ẹ sì fi iye ike ṣe é, ẹ má fi náírà ṣe é. Bí ẹ bá ní ₦50,000 lónìí, tí àdín bá gbówó lórí lọ́dún tó ń bọ̀ tí ike di ₦3,500, ẹni tó ra 15 á ti kọjá ìlà yín, ẹ ó sì tún kéde òmíràn.

Ó wá kan ohun tí ẹ ó kọ, àti ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín.

Lóòótọ́ ni pé epo ti yí ayé oníṣòwò padà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí awakọ̀ tó tún gbé páálí ní iye tó ń gbé e tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé yín. Títí di òní, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń san owó awakọ̀, oníbàárà ni. Ohun tó ń pa yín lára ni pé ike kan ń gba odidi páálí àti odidi ọkadà. Bí ẹ bá ní epo ni, oníbàárà yín ní Ìbàdàn náà ń wọ mọ́tò. Lọ́jọ́ tí epo bá fi díẹ̀ wálẹ̀, yóò pè yín, yóò ní, “Aunty, epo ti wálẹ̀, ṣé mo lè ra méjì wàyí?” Kí lẹ ó sọ? Ìdí tí kì í ṣe tòótọ́ lè gbé yín dé òpin oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa wá òmíràn tì í lẹ́yìn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí mò ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, mo fẹ́ kí àwọn tó ń ra ìdá-yáàdì dáwọ́ dúró. Owó wọn kéré, ìyọnu wọn pọ̀. Dípò kí n sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ẹni tí mo ti ń kó ọjà ló ní òun ò ní tà fún wa bẹ́ẹ̀ mọ́. Obìnrin kan wà ní Òṣogbo tó ti ń bá mi rà á fún ọdún mẹ́fà. Ó bá ọ̀ràn rẹ̀ lọ sí Èkó, ó sì bá ẹni náà gan-an pàdé, ó bi í. Ẹni yẹn ní òun ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà kò bá mi jà. Ó kàn pè mí, ó ní, “Màmá, bí ẹ bá ti sọ pé kò pé yín, ṣé n ò ní gbà ni?” Kò rà á lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ṣì máa ń rántí ohùn rẹ̀.

Àwọn Òṣómàáló ilé wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri àwìn ní ìlú onílùú, orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ń gbowó: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ẹni tó bá gba aṣọ lọ́wọ́ wọn kò lè sọ pé òun ò mọ ohun tó ń bọ̀. Irú èyí ni mo fẹ́ kí ìkéde yín jẹ́.

Òtítọ́ kò ní kí ẹ tú ìdí àpò sílẹ̀ o. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye tí ẹ ń jẹ lórí ike. ₦1,600 yẹn tó láti sọ, torí òun gan-an ló bí òfin náà. Ohun tí mo kọ fún yín rèé, ẹ fi ohùn ara yín tún un ṣe:

> Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ike 6 ni iye tó kéré jù tí a ó máa fi ránṣẹ́ láti páàkì. Ìdí rẹ̀ ni pé dídi ẹrù kan àti gbígbé e dé páàkì ń ná wa ní ₦1,600, ì báà ṣe ike kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. A ṣírò oṣù mẹ́ta, a sì rí i pé ẹrù oníke kan ń gbowó lọ́wọ́ wa, oníke méjì kò sì mú nǹkan kan wá. A ò lè máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀.
>
> Ẹni tó bá ra ike 20 sókè, àwa la ó san owó wébíìlì páálí kan dé páàkì Ìbàdàn tàbí Èkó. Láti páàkì dé ilé yín kò sí nínú rẹ̀. Páálí kan ń gba ike 24; bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ ó san ti páálí kejì. Owó ike kò yí padà, ₦2,500 ni.
>
> Ẹni tó bá ti sanwó kí ọjọ́ náà tó pé, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ la ó ṣe é fún un. Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsọ̀kún lè ra iye tó bá wù ú. Ẹ lè dáwó jọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín kó fi pé 6 tàbí 20, bó bá ṣáà ti jẹ́ orúkọ kan àti páàkì kan. Bí 6 bá pọ̀ jù fún yín, ẹ bi wá ní ẹni tó ń tà á lẹ́yọ nítòsí yín.

Ẹ wò ó pé gbogbo ohun tí a yọ sílẹ̀ nínú òfin náà ló bá ìdí rẹ̀ mu. Ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀bù kò lo páálí, kò lo ọkadà, nítorí náà òfin kò kàn án. Àwọn tó dáwó jọ, páálí kan ni wọ́n lò. Báyìí ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìdí tí wọ́n sọ fún òun jẹ́ òtítọ́. Bí ẹ bá wá ń ta ike kan ní bòókẹ́lẹ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn ní Èkó, yóò sọ fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ yọ sílẹ̀, ẹ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ìkéde.

Gbólóhùn “dé páàkì” yẹn, ẹ má yọ ọ́ láé. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ “wébíìlì ọ̀fẹ́” lásán, ẹni tó wà ní Ìkòròdú á retí kí ẹrù kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò sì san owó ọkadà láti páàkì pẹ̀lú ìbínú. Mo tún kọ ọ́ pé “àwa la ó san” dípò “ọ̀fẹ́”, torí ẹnì kan ń san án, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ìdí tí mo fi kọ “Owó ike kò yí padà” sínú ìkéde náà rèé. Àwọn kan máa ń fi ₦200 lé ọjà lóṣù kan náà, kí wọ́n tó pariwo ọ̀fẹ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò fàyè gba kí oníṣòwò fi irọ́ tan oníbàárà lórí iye ọjà. Bó bá di dandan kí ike gbówó lórí, ẹ sọ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ sì sọ ìdí tirẹ̀ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣẹ́ kù kí òfin bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́. Àwọn 8 tó ń ra jù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè lórí fóònù, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti bi wọ́n bóyá ẹ lè máa darí àwọn tó ń ra lẹ́yọ sí wọn. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà wọn kí wọ́n tó gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ẹ rántí pé bí ẹ bá lo broadcast, ẹni tí kò tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i, orúkọ 256 ni ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ẹni tí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí i lọ́tọ̀.

Ẹnì kan á ní ẹ ti dolówó. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ mi, mi ò gbàgbé. ₦1,600 yẹn ni mi ò rí ibi tí mo lè gbé e gbà.” Ìyá tí ẹ sọ fún mi ní Ìbàdàn, tó ń ra méjì lóṣooṣù nítorí awọ ara ọmọ rẹ̀, òun lẹ ó fúnra yín pè. Ọṣẹ dúdú kì í tètè bàjẹ́ bí wọ́n bá dé ike rẹ̀ dáadáa tí omi kò sì kàn án, nítorí náà ó lè ra 6 kó fi lo oṣù mẹ́ta, wébíìlì ẹ̀ẹ̀kan ni yóò sì san dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ṣe ìṣirò náà fún un lórí fóònù. Bí owó ike 6 lẹ́ẹ̀kan bá wúwo jù fún un, ẹ fà á lé alátùntà yín tó wà ní Ìbàdàn lọ́wọ́. Bó bá sì kọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún ìwé yín ṣí, ẹ má sì ka iye páálí tó jáde nìkan. Ẹ mú wọn ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka àpapọ̀ ike tí olúkúlùkù rà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, àti èyí tó rà lẹ́yìn òfin. Ẹni tó ń ra 8 lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀, tó wá ra 24 lẹ́ẹ̀kan, kò fi nǹkan kún un. Ẹ san ₦3,500 fún un, ẹ sì bọ́ lọ́wọ́ dídi ẹrù àti ọkadà ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn ₦3,200. Ìyàtọ̀ ₦300 ni, kò pa yín lára, ó tilẹ̀ dín iṣẹ́ ọmọ tó ń di ẹrù kù. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ àwọn mẹ́ta tí mo sọ lókè. Ẹni tí àpapọ̀ rẹ̀ gòkè ni kí ẹ kà. Bí irú wọn kò bá tó mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí gbogbo wọn pé ẹ dán an wò, kò pé yín, ọjọ́ báyìí ni ìlà 20 yẹn á dópin. Òfin 6 kò gbọ́dọ̀ bá a lọ, ìdí tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.